Ọ̀rọ̀ tí alága sọ ní mítìn láńlọ́ọ̀dù: owó wo ni ẹgbẹ́ lè gbà, èwo ni kò lè fipá gbà?

Ìyá Ìbejì Àdó:
Ẹ kúulé o ẹ̀yin ará. Mi ò lè wá sí mítìn àdúgbò wa lọ́jọ́ Sátidé torí mo gbé ọmọ lọ sọ́síbítù, wọ́n wá ní alága sọ̀rọ̀ gan-an lórí òfin tuntun ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù wa. Ẹnì kan ní alága ti ní owó ẹgbẹ́ kì í ṣe dandan mọ́, ẹlòmíràn ní owó tiransifọ́mà N45,000 tí mi ò tíì san, wọ́n á gbé mi lọ kóòtù lé e lórí. Kí ni alága sọ gan-an? Ṣé wọ́n ṣì lè wá ti géètì mi pa bíi tọdún tó kọjá?

Akọ̀wé Àdúgbò:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mà, Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà. Mo fi fóònù gba ohùn alága sílẹ̀, mo sì jókòó lálẹ́ àná mo kọ ọ́ jáde bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ibi tí wọ́n ti ń kí àwọn àgbà nìkan ni mo fò. Ó gùn o, ẹ ní sùúrù kà á tán.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, Èkìtì kete! Kí n tó ka òfin tuntun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Nígbà tí tiransifọ́mà jó lọ́dún tó kọjá, àwa ìgbìmọ̀ mẹ́fà jókòó sí pálọ̀ mi, a bu N45,000 lé ilé kọ̀ọ̀kan lórí. Ilé 62 la jẹ́ ládùúgbò yìí. A ò pe mítìn gbogbogbò, wọ́ọ̀tsáàpù la fi ránṣẹ́ sí yín. Ilé 41 san, ilé 21 ò san. A wá ra ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́, a ti géètì ilé mẹ́ta pa, a ní kí ọmọ kan gun òpó lọ já wáyà ilé méjì. Èmi ni mo pàṣẹ ẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni mo tó lọ bá lọ́yà, ó wá sọ fún mi pé bí èyíkéyìí nínú ilé márùn-ún yẹn bá pè wá lẹ́jọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwa la máa sanwó fún wọn. Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n nílé wọn, mo tún ń bẹ̀ wọ́n lójú gbogbo yín.

"Ohun tí mo fẹ́ ká mọ̀ ni pé a kì í ṣe ìjọba. Owó-orí lórí ilé, ìjọba ìbílẹ̀ ni kọnsitítúṣọ̀n 1999 gbé e fún, ó wà nínú àfikún kẹrin ẹ̀, àwọn náà ló sì gbé àkóso ṣọ́ọ̀bù àti kíósì fún. Torí náà, N500 tí a ń gbà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀pà àti búrẹ́dì ní jọ́ńṣọ̀n, a dá a dúró lónìí. Wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, wọn ò sì bá wa ṣàdéhùn kankan, kí la fi ń gba owó lọ́wọ́ wọn?

"Owó tiwa, àdéhùn ló gbé e dúró. Ẹni tó bá wá fọwọ́ sí rẹ́jísítà, tó ní òun gba òfin ẹgbẹ́, tí mítìn bá wá fọwọ́ sí owó bó ṣe wà nínú òfin yẹn, gbèsè ni owó yẹn lọ́rùn ẹ̀, bí ìgbà téèyàn kó èsúsú tán tó wá kù kó máa dá a padà. Àmọ́ ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i, a ò lè fa ọwọ́ ẹ̀ wọ ẹgbẹ́. Abala 40 nínú kọnsitítúṣọ̀n ló fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣẹgbẹ́, ẹni tó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró síta.

"Lọ́yà yẹn sọ ìtàn kan fún mi tí kò kúrò lọ́kàn mi. Télọ̀ kan wà ní Abá, ọmọ Alayì ni. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn bu owó láti fi kọ́ ilé ìwòsàn sí ìlú wọn. Télọ̀ yìí ní ẹ̀sìn òun ò gba òun láyè láti wà nínú ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, òun ò san. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, wọ́n gbé máṣíìnì ìránṣọ ẹ̀ lọ. Ẹ wò ó o, ilé ìwòsàn ni wọ́n fẹ́ kọ́, wọn ò fẹ́ fi owó yẹn jẹun. Ọ̀rọ̀ yẹn gòkè títí ó fi dé Súpírímù Kóòtù, ní 1991 wọ́n dá télọ̀ láre. Wọ́n ní àṣà tó bá máa fi tipátipá sọ èèyàn di ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ̀sìn ẹ̀ kọ̀, kò lè dúró níwájú kọnsitítúṣọ̀n, wọn ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé máṣíìnì ẹ̀. Agbai àti Okogbue lorúkọ ẹjọ́ yẹn, Okogbue ni télọ̀. Mo wá bi ara mi pé kí ni ìyàtọ̀ máṣíìnì télọ̀ yẹn sí géètì tí mo fi ṣéènì tì?

"Nítorí náà, ohun tó wà nínú òfin tuntun nìyí. A ò ní ti géètì ẹnikẹ́ni pa mọ́. A ò ní fọwọ́ kan iná ẹnikẹ́ni, torí iléeṣẹ́ iná tó ní láísẹ́ńsì nìkan ló lágbára lórí wáyà òpó. A ò ní gba jẹnẹrétọ̀, sìmẹ́ńtì tàbí ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni fáìnì N2,000 tí a ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá jáde wá gbálẹ̀ lọ́jọ́ ìmọ́tótó. Obìnrin kan wà ní Èkó tí wọ́n mú lọ́jọ́ ìmọ́tótó torí ó jáde nígbà tí wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé, kóòtù kékeré bù fáìnì lé e, ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ní 2016 wọ́n dá a láre pé àṣẹ ẹnu gómìnà kì í ṣe òfin, èèyàn ò sì lè jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin kankan ò kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyà tó tọ́ sí i. Bí àṣẹ ẹnu gómìnà ò bá tó, ṣé tèmi tí mo jẹ́ alága àdúgbò ló máa tó?

"Bí a ó ṣe máa bu owó látòní nìyí. Ìwé ìpè á dé ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 14 ṣáájú, iye owó àti ohun tí a fẹ́ fi ṣe á wà nínú ẹ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ tó wá ò bá tó ìdajì, a ò ní dìbò. Bí a bá dìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ gbà. Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ni wọ́n gbà, báyìí ni wọ́n kọ̀. Inú àkáǹtì ẹgbẹ́ ni owó á máa wọ̀, kò ní wọ àkáǹtì èmi tàbí ti akápò, olówó á sì gba rísíìtì. Ẹni tó bá jẹ gbèsè, lẹ́tà lákọ̀ọ́kọ́, ìgbìmọ̀ àgbà lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn bí wọ́n bá fẹ́ san díẹ̀díẹ̀. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, kóòtù ló kù, kò sí ọ̀nà mìíràn.

"Ní ti N45,000, mi ò ní tàn yín. A ò bù ú bó ṣe yẹ. Mo máa gbé e wá síwájú mítìn tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i tàbí kẹ́ ẹ kọ̀ ọ́. Títí dìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀."

Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí.

Bọ́dá Rẹ́wọ̀ya:
Ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn! Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe dandan rárá. Súpírímù Kóòtù ti sọ ọ́ láti 1991, ẹni tí kò bá fẹ́ san kó má san, kò sí kóòtù tó lè bi í. Ìyá Ìbejì ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀. Mo tún dúpẹ́ pé alága sọ ọ̀rọ̀ òpó yẹn torí iṣẹ́ mi ni, mo ti rí ibi tí ọmọ tí wọ́n rán gun òpó ti já wáyà níútírà dípò láìnì, iná gbéra nílé yẹn ó jó fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó sì wà nílẹ̀ lè kú.

Ayálégbé Bàsírì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi alága yín. Èmi yá yàrá méjì, láńlọ́ọ̀dù mi ń gba N6,000 lóṣooṣù lọ́wọ́ mi lórí owó iná, bẹ́ẹ̀ mítà ò sí nílé. Kí ni òfin sọ nípa bíìlì tí wọ́n kàn ń méfò yẹn?

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlá:
Ayálégbé, ọ̀rọ̀ bíìlì láìsí mítà, ààrin ẹ̀yin àti láńlọ́ọ̀dù yín àti iléeṣẹ́ iná ni, kò kan owó ẹgbẹ́ àdúgbò. Ẹ ṣí i sí ojú-ewé mìíràn, mo máa dáhùn níbẹ̀.

Bọ́dá, ẹ̀ ń sáré jù. Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ nípa télọ̀ yẹn, ẹni tí kò wọ ẹgbẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ọkùnrin yẹn kò gbà rí pé ọmọ ẹgbẹ́ lòun, ó sì fi ẹ̀sìn dúró. Ẹni tó ti fọwọ́ sí rẹ́jísítà, tó ń wá sí mítìn, tó ń dìbò, tó wá di ọjọ́ owó tó ní òun kì í ṣe ara wọn, ìyẹn yàtọ̀. Àdéhùn ló bá wọn ṣe, wọ́n lè gbé e lọ kóòtù Májísíréètì bí gbèsè èyíkéyìí. Kó má lọ ro pé abala 40 á gbà á.

Àmọ́ ẹgbẹ́ náà ní iṣẹ́ láti ṣe kó tó lè borí. Adájọ́ á bèèrè ìwé mẹ́ta: ibi tó ti fọwọ́ sí i, òfin ẹgbẹ́ tó fún mítìn lágbára láti bu owó, àti ìwé ìrántí mítìn tó fi hàn pé wọ́n bù ú bí òfin yẹn ṣe wí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń pa ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Mo ti rí ibi tí akọ̀wé gbé ìwé ìrántí wá, àmọ́ iye èèyàn tó wá ò sí níbẹ̀, wọn ò sì kọ iye ìbò, "gbogbo ilé gbà á" nìkan ló wà níbẹ̀. Lọ́yà òdìkejì ò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun kan tún wà tí alága kò mẹ́nu bà. Ṣé ẹgbẹ́ yín ti forúkọ sílẹ̀ ní Síéèsì, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀? Bí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, lójú òfin kò tíì di ẹni tó lè fi orúkọ ara ẹ̀ pe èèyàn lẹ́jọ́. Àwọn kan nínú yín ló máa fi orúkọ ara wọn pe ẹjọ́ náà nítorí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Bó bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020, àwọn tirọ́sítíì, ìyẹn àwọn alágbàtọ́ tí ẹgbẹ́ yàn, ni wọ́n á fi orúkọ wọn pe ẹjọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n bá fi orúkọ tí kò tọ́ pè, wọ́n lè dà á nù láìgbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Akọ̀wé Àdúgbò:
A kò tíì forúkọ sílẹ̀ sà. Ó ti wà lórí àkọsílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, owó ló ń dá a dúró. Mo máa gbé ọ̀rọ̀ yín lọ bá alága.

Tísà Ìkẹ́rẹ́:
Àdúgbò tèmi kì í ṣe tiyín ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ra pílọ́ọ̀tì kan, mo fẹ́ kọ́lé tísà tí mo fi ọdún mọ́kànlá tọ́jú owó fún. Lọ́jọ́ tí bíríkìlà bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́rin wá láti ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù wọn, wọ́n ní N80,000 owó ìdàgbàsókè kí n tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ kí n rí ìwé, wọ́n ní ìwé wo. Mo ní ẹ jẹ́ kí n san díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbé báàgì sìmẹ́ńtì mẹ́jọ lọ sílé akápò wọn. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kejì, wọ́n kó o sí ìta lábẹ́ tapólì tó ti ya, ọjọ́ kẹta tí mo lọ gbà á, mẹ́fà nínú ẹ̀ ti di òkúta, mo fi ìka kàn án ó le. Mo san owó náà ṣá, torí ojoojúmọ́ ni bíríkìlà ń gba owó iṣẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Alága yín tó jáde wá bẹ̀bẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mo kí i o, èèyàn gidi ni.

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlá:
Tísà, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ẹ kò tíì di ọmọ ẹgbẹ́ wọn nígbà yẹn, ẹ kò tíì gbé ibẹ̀ pàápàá, kí ni wọ́n fi bu owó lé yín? Sìmẹ́ńtì tí wọ́n gbé lọ, ohun ìní yín ni wọ́n gbà láìsí àṣẹ kóòtù, ẹ lè gba owó ẹ̀ padà. Ẹ wá rísíìtì ibi tẹ́ ẹ ti ra sìmẹ́ńtì, ẹ kọ ọjọ́ àti àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí bíríkìlà kọ tiẹ̀ náà kó fọwọ́ sí i. Ẹ má fi falẹ̀, ẹjọ́ gbèsè àti ohun ìní ní iye ọdún tó lè lò.

Bàbá Ìlawẹ̀:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ṣe akápò àdúgbò fún ọdún mẹ́sàn-án, mo gbọ́ gbogbo òfin yìí, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan. Ọdẹ méjì la ní, N35,000 lóṣù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́, nígbà tí ọdẹ bá lu agogo níwájú ilé ẹni tó san, ó ń lù ú níwájú ilé ẹni tí kò san pẹ̀lú. Olè tó bá gbọ́ agogo kì í yà sílé kẹta. Ṣé ẹ máa ní kí ọdẹ fò ilé náà kọjá ni? Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa jẹ ẹ́ lófẹ̀ẹ́, kí ló máa sanwó fún? Oṣù méjì péré ni àwa fi gbìyànjú pé kálukú san bó bá fẹ́, ilé 11 nínú 40 ló san, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ lọ bá iṣẹ́ sìkiọ́rítì ní Àkúrẹ́. Ta ló máa dáhùn ìyẹn?

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlá:
Baba, ibi tó le jù lẹ fọwọ́ kàn yẹn, mi ò sì ní díbọ́n pé ó rọrùn. Lọ́yà kan lè dúró níwájú adájọ́ kó sọ pé ẹni tó ń jẹ àǹfààní ọdẹ, tó mọ̀ pé ó ń náwó, tí kò sì sọ fún wọn rí pé kí wọ́n má ṣọ́ ilé òun, ó yẹ kó san apá tiẹ̀. Lọ́yà mìíràn á dìde á ní ẹ ò lè fi tipá ṣe iṣẹ́ fún èèyàn kẹ́ ẹ wá bu owó lé e. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀sìtéètì tí onílé ti fọwọ́ sí i nínú ìwé ilẹ̀ pé òun á máa san owó iṣẹ́ ẹ̀sìtéètì. Níbẹ̀, ìwé ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ti so ó mọ́ owó yẹn. Àdúgbò wa tí kálukú ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo ń fún ẹgbẹ́ ni pé kí wọ́n ya ọ̀rọ̀ ọdẹ sọ́tọ̀: ìwé ojú kan péré, kí onílé tó fẹ́ ọdẹ fọwọ́ sí i pé iye báyìí lóṣù báyìí, kó lè jáde tó bá fún wọn ní oṣù kan. Àwọn tí kò fẹ́ fọwọ́ sí ìwé "ẹgbẹ́" máa ń fọwọ́ sí ti ọdẹ.

Bọ́dá Rẹ́wọ̀ya:
Lọ́yà, mo ti gbọ́, mo gbà pé mo sáré jù. Ẹ wá gbà mí níbi kan: fáìnì ńkọ́? Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti fọwọ́ sí i pé tí òun bá pẹ́ san òun á san ìlọ́po méjì, ṣé wọ́n á gbà á?

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlá:
Kò dájú. Bí owó tí wọ́n fi kún un bá jọ ohun tí ẹgbẹ́ pàdánù nítorí ìpẹ́ yẹn, kóòtù lè gbà á. Bó bá jẹ́ láti fi dẹ́rù ba èèyàn ni, N45,000 tó di N90,000 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kóòtù sábà máa ń gé e, wọ́n á fún wọn ní gbèsè gangan nìkan. Ẹ má fi fáìnì ńlá sínú òfin tuntun yẹn, akọ̀wé.

Akọ̀wé Àdúgbò:
Ìdá mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sà. Mo máa sọ fún wọn.

Ìyá Ìbejì, mo ṣí rẹ́jísítà wò fún yín láàárọ̀ yìí. Ojú ìwé 23, ilé yín wà níbẹ̀, Bàbá Ìbejì ló fọwọ́ sí i pẹ̀lú báírò búlúù, orúkọ tiyín ò sí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Àdó:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun Lọ́yà. Bàbá Ìbejì wà ní Àbújá, mo pè wọ́n, wọ́n ní wọ́n rántí pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan ṣùgbọ́n wọn ò rí òfin ẹgbẹ́ kankan nígbà yẹn. Ṣé ìyẹn ń so wá?

Agbẹjọ́rò Òkè-Ìlá:
Ó so wọ́n mọ́ ẹgbẹ́, kò sì so ẹ̀yin. Ní ti òfin tí wọn ò fi hàn wọ́n, ẹgbẹ́ á ní láti fi hàn pé òfin yẹn ti wà nígbà yẹn àti pé ẹni tó bá bèèrè ń rí i. N45,000 ní tiẹ̀, mítìn ò tíì bù ú, kò tíì di gbèsè. Bí mítìn bá wá fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti ná an tán, àwọn kan á ní ó tọ́, èmi rò pé ó lè tọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ bí òfin ẹgbẹ́ bá fàyè gbà á, mo sì mọ lọ́yà tí kò ní gbà pẹ̀lú mi. Ẹ lọ sí mítìn yẹn, ẹ ní kí wọ́n mú rísíìtì tiransifọ́mà wá, kẹ́ ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n bá iléeṣẹ́ iná kọ ìwé kí wọ́n tó náwó, torí owó tí àdúgbò bá ná sórí tiransifọ́mà láìsí ìwé àdéhùn, ó ṣòro kí wọ́n tó gbà á padà.

Bàbá Ìlawẹ̀:
Ìwé yẹn lẹ máa bèèrè jù. Àwa ò kọ ọ́ nígbà tiwa, ó dùn mí di òní.

Ìyá Ìbejì Àdó:
Màá lọ. Owó ọdẹ màá san án lóṣù yìí torí mo ń gbọ́ agogo wọn. Akọ̀wé, ṣéènì tí wọ́n fi ti géètì mi lọ́dún tó kọjá ṣì wà níbí o, ẹ̀yìn òdòdó ni mo jù ú sí, ó ti dípẹtà, àwọn ọmọ ti fi ṣeré títí tí ọ̀kan fi gé ara ẹ̀ lọ́wọ́.

Akọ̀wé Àdúgbò:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ bá mi kí ọmọ. Mò ń bọ̀ wá gbé e nírọ̀lẹ́ yìí, alága ní àwọn náà á tẹ̀ lé mi.